Aṣọ tí kò rí aró: bí 9:3:4 ṣe yọjú nínú àgò ehoro

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Màmá tó ni àwọn ehoro yìí torí ẹ̀ pè mí. Wọ́n pè mí nítorí ó dá wọn lójú pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni àwọn àgò onípákó wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sin ehoro dúdú, dúdú lórí dúdú, kò sì sí ọmọ kan tó jáde ní àwọ̀ mìíràn rí. Àléébù kan ṣoṣo ni pé ehoro náà kéré. Wọ́n wá ra akọ Niu Sílándì funfun kan, olójú pupa, tó tóbi dáadáa, wọ́n sì fi gun abo dúdú mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń retí ni kí ọmọ jáde ní funfun, tàbí ní dúdú, tàbí ní alámì dúdú àti funfun.

Ọmọ 18 ni àwọn abo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí. Kò sí funfun nínú wọn, kò sí dúdú. Gbogbo wọn, láìku ẹyọ kan, ló gbé àwọ̀ ehoro igbó wọ̀: ẹ̀yìn wọn dà bí eruku ojú ọ̀nà, ikùn wọn funfun.

“Ẹ sọ òótọ́ fún mi,” ni Màmá wí. “Ṣé ehoro igbó kọ́ ni ọkùnrin tó ta akọ yìí fún mi pò mọ́ tirẹ̀? Àbí nǹkan wọlé sínú àgò mi lóru?”

Ìbéèrè yẹn ni mo kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló ń dà wọ́n láàmú jù. Ehoro igbó wa àti ehoro tí à ń sìn nílé kì í ṣe ìran kan náà. Kromosómù 48 ni tìgbẹ́ ní, 44 ni tilé ní, wọn kì í bí ọmọ fún ara wọn. Mo wá gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí irun ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè pínyà. Òrùka yọ lójú irun náà: ìdí rẹ̀ dúdú bí eérú, àárín rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú. Àwọ̀ olórùka yìí ni à ń pè ní àgúùtì. Òun ni àwọ̀ àbáláyé ehoro ilé kí ẹ̀dá ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lẹ́sà. Torí náà kò sí àjèjì kankan nínú àgò. Ó ní ibi tí àgúùtì ti wá, àárín bàbá funfun àti ìyá dúdú náà sì ni.

Mo ní kí wọ́n má tí ì tà wọ́n. Kí wọ́n dá akọ kan àti abo mẹ́rin sí títí wọn yóò fi pé oṣù mẹ́fà, kí wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Inú Màmá kò dùn sí kí ọmọ bàbá kan náà máa gun ara wọn, mo sì gbà pé kò dára kí èèyàn sọ ọ́ di àṣà. Ìran kan péré la fẹ́ kà.

Abo mẹ́rin náà bí ẹ̀ẹ̀mejì mejì, ó di 61 ọmọ. Márùn-ún kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá wọn tẹ̀ wọ́n pa. Èmi kò kà wọ́n mọ́ ìyókù, a ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. 56 ló kù. Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn: “Dúdú 41, funfun 15.”

Ọmọ àbúrò wọn kan wà níbẹ̀ tó ń ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá ní yunifásítì. Ojú ẹsẹ̀ ló sọ ọ́: mẹ́ta sí ẹyọ kan nìyẹn, jíìnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ borí funfun. Òótọ́ ni pé 42 sí 14 ni mẹ́ta sí ẹyọ kan nínú 56, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìyẹn àti 41 sí 15. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn ìbí ni Màmá kà wọ́n. Nígbà yẹn ọmọ ehoro kò tíì ní irun. Èyí tó máa funfun á pọ́n bí ara ọmọ eku, èyí tó máa ní àwọ̀ á ṣú. Àgúùtì ṣú, dúdú náà ṣú. Ó di bí ọ̀sẹ̀ kan kí ikùn àti inú etí àgúùtì tó mọ́ yàtọ̀, tí dúdú á sì dúdú láti ẹ̀yìn dé ikùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ àwọn márùn-ún tó kú kúrò. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ara wọn ṣú tàbí kò ṣú, kò sẹ́ni tó lè sọ irú ṣíṣú tó jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá a yí gbogbo wọn dojú ikùn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgúùtì 33, dúdú 8, funfun 15.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ti ń retí 9:3:4, ìyẹn àgúùtì mẹ́sàn-án, dúdú mẹ́ta àti funfun mẹ́rin nínú ọmọ 16, èyí tí yóò jẹ́ 31.5, 10.5 àti 14 nínú 56. Ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì náà kò gbà, àlàyé tó sì ṣe kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó ní jíìnì kan ṣoṣo náà ni. Dúdú ní ẹ̀dà méjì irú kan, funfun ní ẹ̀dà méjì irú kejì, ẹni tó bá ní ọ̀kan ọ̀kan ló ń di àgúùtì, bíi ti òdòdó pupa àti funfun tí ọmọ wọn ń jáde ní àwọ̀ àárín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, dúdú lórí funfun gbọ́dọ̀ bí àgúùtì nìkan, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àgúùtì lórí àgúùtì gbọ́dọ̀ bí àgúùtì méjì, dúdú kan, funfun kan, ìyẹn 28, 14 àti 14.

A gbé méjèèjì sórí kaí-sikuéà, ìṣirò tó ń wò ó bóyá iye tí a rí jìnnà jù sí iye tí à ń retí. Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a yọ iye tí à ń retí kúrò nínú iye tí a rí, a fi ohun tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a pín in pẹ̀lú iye tí à ń retí, a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tèmi jẹ́ 0.74. Tirẹ̀ jẹ́ 3.54. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá jẹ́ mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ kọjá 5.99 kí á tó lè sọ pé iye náà tako àbá. Kò sí èyí tó kọjá. Mo ṣe ìṣirò náà síwájú sí i lórí ìwé: ọmọ tó lé ní 200 la máa nílò kí àbá rẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú nínú kíkà lásán. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé ṣe àṣìṣe. A rí i pé iye tiwa kéré, a sì sọ pé “tèmi ló jẹ́.” Ohun tí 0.74 ń sọ ni pé kò tíì sí ohun tó lé mi kúrò. Kò sọ pé ẹnì kejì ti kúrò.

Ó dábàá pé kí á mú àgúùtì padà sórí bàbá funfun tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú àbá tirẹ̀, ìdajì àgúùtì, ìdajì funfun. Lójú tèmi, ìdajì àgúùtì, ìdajì funfun. Kí á wá mú un padà sórí ìyá dúdú ńkọ́? Ìdajì àgúùtì, ìdajì dúdú, lójú àwa méjèèjì. Ìpadàsẹ́yìn méjèèjì tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ́ wa pé kí á ṣe ni kò ní sọ ohunkóhun fún wa níhìn-ín. Bí a bá ti sáré ṣe wọ́n, a ó ti pàdánù oṣù méjì, a ó sì rò pé a ti jẹ́rìí.

Ibi tí ọ̀nà àwa méjèèjì ti pínyà ni inú àwọn funfun 15 yẹn. Lójú tirẹ̀, funfun funfun ni, gbogbo wọn jọra. Lójú tèmi, wọn kò jọra rárá, ojú ló ń tàn wá. Màmá ní kí n sọ ọ́ kí ó yé àwọn. Abẹ́òkúta kò jìnnà síbẹ̀, torí náà mo mú un gba ọ̀dọ̀ aláró.

Jíìnì méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, tí a ń fi C pè, ni aró fúnra rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ara ṣe tairosinéèsì, èyí tí kò bá sí, kò sí mẹ́láníìnì kankan, ohun tó ń fún irun ní àwọ̀, ì báà ṣe dúdú, ì báà ṣe pípọ́n. Èkejì, tí a ń fi A pè, ni ẹ̀kọ tí a fi ya ọnà sára àdìrẹ kí a tó rì í. Òun ló ń dá dúdú dúró díẹ̀ nígbà tí irun ń hù kí òrùka pípọ́n lè wà láàárín. Ehoro kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, lẹ́tà ńlá la fi ń kọ ẹ̀dà tó ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà kékeré la fi ń kọ èyí tí kò ṣiṣẹ́, ẹ̀dà ńlá kan sì tó. Aṣọ tó ní ẹ̀kọ tó sì wọ aró di àdìrẹ: àgúùtì nìyẹn. Aṣọ tí kò ní ẹ̀kọ tó wọ aró á dúdú dẹ́nu: ehoro dúdú nìyẹn, aaCC ni tiwọn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí aró nínú ìkòkò, ì báà jẹ́ ọnà tó dára jù lọ lẹ yà sára aṣọ, funfun ló máa jáde. Ẹ̀kọ wà níbẹ̀, kò kàn rí ohun tó máa dí ni.

Bàbá funfun náà jẹ́ AAcc: ó ní ẹ̀kọ, kò ní aró. Àwọn ìyá dúdú ní aró, wọn kò ní ẹ̀kọ. Inú ọmọ ni méjèèjì ti pàdé, gbogbo wọn sì di AaCc, àgúùtì. Bí AaCc bá gun AaCc, ẹ mú ọmọ 16. Mẹ́rin ni kò ní rí aró gbà lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá, funfun ni wọ́n. Nínú 12 tó rí aró, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ní ẹ̀kọ, ìyẹn 9 àgúùtì, ó ku 3 dúdú. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ nínú òfin Mendel, òfin bí ẹ̀dà ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. 9:3:3:1 náà ló ṣì wà nísàlẹ̀, àmọ́ 3 tó ní ẹ̀kọ láìní aró àti 1 tí kò ní èyíkéyìí wọ aṣọ funfun kan náà, ojú wa sì kà wọ́n pọ̀ sí 4. Kí jíìnì kan máa bo iṣẹ́ òmíràn mọ́lẹ̀ báyìí ni Bateson, onímọ̀ nípa àjogúnbá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní epísításíìsì, ó sì yàtọ̀ sí kí ẹ̀dà kan borí ẹ̀dà kejì nínú jíìnì kan náà. Èyí sì gba pé kí jíìnì méjèèjì wà lórí kromosómù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bó ṣe rí nínú ehoro, tàbí kí wọ́n jìnnà gan-an síra lórí ẹyọ kan.

Ajá Labirádọ̀ náà ń fún wa ní 9:3:4, dúdú, àwọ̀ ṣokoléètì àti pípọ́n, àmọ́ tiwọn rọrùn ju tiwa lọ. Bí ajá bá pọ́n, imú rẹ̀ ṣì ń tú àṣírí: imú dúdú fún èyí tó gbé jíìnì dúdú pamọ́, imú ṣokoléètì fún èyí tí kò gbé e. Ehoro funfun olójú pupa kò ní imú tó lè sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí. Ọ̀nà yìí ni Lucien Cuénot, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, gbà ní ìlú Nancy ní ilẹ̀ Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ó mú eku funfun tó jọra lójú, ó fi wọ́n gun eku aláwọ̀, ó sì rí i pé àwọn kan gbé àwọ̀ igbó pamọ́, àwọn kan gbé dúdú.

A yan abo funfun márùn-ún nínú àwọn 15. Kí a tó yàn wọ́n a wo ojú wọn dáadáa. Pupa ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí etí tàbí imú rẹ̀ ṣú. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí funfun olójú búlúù ti jíìnì mìíràn wá, funfun tí etí àti imú rẹ̀ dúdú sì jẹ́ ẹ̀dà mìíràn ti C, bí èyíkéyìí bá wọ inú kíkà yìí, gbogbo ìṣirò ti dàrú. Akọ tí a fi gùn wọ́n wá láti inú ìran dúdú Màmá fúnra wọn. Dúdú nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ CC, torí bí òun náà bá gbé c kan pamọ́, funfun á máa jáde, a ò sì ní mọ ohun tí à ń kà. Ọ̀pọ̀ ọdún tí ìran yẹn kò ti bí funfun kankan ló jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Bí àbá ọmọ yunifásítì bá jẹ́ òótọ́, àgúùtì nìkan ni gbogbo abo márààrún gbọ́dọ̀ bí. Bí tèmi bá jẹ́ òótọ́, funfun ẹyọ kan nínú mẹ́rin jẹ́ AAcc, á bí àgúùtì nìkan, méjì jẹ́ Aacc, á bí àgúùtì àti dúdú ní ìdajì ìdajì, ọ̀kan jẹ́ aacc, á bí dúdú nìkan.

Ọjọ́ 31 ni oyún ehoro. Abo èkíní bí ọmọ méje, àgúùtì lásán. Ọmọ yunifásítì náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Èkejì bí àgúùtì mẹ́rin àti dúdú mẹ́ta. Ẹ̀rín náà tán. Dúdú ẹyọ kan ṣoṣo látọ̀dọ̀ ìyá funfun yẹn ti tó, torí nínú àbá tirẹ̀ kò sí ọ̀nà kankan tí ó lè gbà débẹ̀. Ohun tí ọmọ 56 kò lè ṣe, ọmọ mẹ́ta ṣe é. Ẹ̀kẹta bí mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin bí ọmọ mẹ́fà, dúdú ni gbogbo wọn. Ẹ̀karùn-ún bí márùn-ún, àgúùtì lásán. Kò sí funfun ẹyọ kan nínú gbogbo wọn, èyí sì fi hàn pé akọ náà mọ́.

Màmá fẹ́ kọ AAcc sára àgò ẹ̀karùn-ún. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Bí ó bá jẹ́ Aacc, ìdajì ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ àgúùtì, àti pé kí márùn-ún tẹ̀léra jẹ́ àgúùtì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 32. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. A fi akọ dúdú kan náà gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ kẹta tó yọjú sì jẹ́ dúdú. Aacc ni. Èmi kì í pe abo ní AAcc mọ́ bí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì pé méje, ó kéré tán. Ti èkíní pé méje: bí ó bá jẹ́ Aacc ni, ẹ̀ẹ̀kan nínú 128 péré ni àǹfààní pé kí gbogbo wọn jẹ́ àgúùtì.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀kẹrin, aacc, ni ohun ọ̀ṣọ́ tó wọnú ilé Màmá. Kò ní aró, kò ní ẹ̀kọ, torí náà ohun tí akọ bá fi sílẹ̀ ni ọmọ máa fi hàn ní gbangba. Ohun tí Màmá ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ehoro dúdú tó tóbi, tí kì í bí funfun. Nínú dúdú mẹ́jọ ìran kejì yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló yẹ kí ó gbé c pamọ́, ojú kò sì lè yà wọ́n. A gbé akọ dúdú mẹ́ta tó tóbi jù lọ wọ àgò abo yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Àkọ́kọ́ bí funfun méjì mọ́ dúdú mẹ́rin, aaCc nìyẹn, wọ́n tà á. Ìkejì bí méje, dúdú dẹ́nu. Ìkẹta bí funfun. Ìkejì ló kù, wọ́n fi ẹfun kọ “aró méjì” sára àgò rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ Màmá pè mí pé àwọn ti padà lọ bá ọkùnrin tó ta akọ àkọ́kọ́ fún wọn, wọ́n ti tọrọ àforíjì, àwọn sì ti ra funfun mìíràn. Wọ́n ti ń gbé e lọ sínú àgò abo aacc láti yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dúró,” ni mo wí. “Funfun lórí funfun, kò sí aró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Funfun ni gbogbo ohun tí ẹ máa rí. Abo dúdú yín ni kí ẹ fún un.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn àgò ṣí, tí ó sì tún tì.